Màlúù mi bímọ lálẹ́ àná, kò lè dìde mọ́

ỌmọÌyàrá (aago 5:50 àárọ̀)
Okun o, gbogbo ilé. Màlúù mi kan tí ẹ̀jẹ̀ màlúù òyìnbó Firíṣíà pọ̀ nínú rẹ̀ bímọ ní nǹkan bí aago 10 alẹ́ àná. Ọmọ kẹrin rẹ̀ nìyí. Ó bí i wọ́ọ́rọ́wọ́, ibi ọmọ sì já. Ìgbà tí mo jí láàárọ̀ yìí, ilẹ̀ ni mo bá a, kò lè dìde. Ṣé ẹsẹ̀ ló rọ ni, àbí kí ni? Ẹni tó bá mọ̀, ẹ dákun.

Àgbà_Mọ̀pà
Okun o, ọmọ mi. Ibà ni. Àwọn òyìnbó tiẹ̀ ń pè é ní ibà wàrà. Wá abẹ́rẹ́ apakòkòrò gún un, kí o po iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi, kí o dà á sí i lẹ́nu kó lè rí agbára. Kí o sì nà án díẹ̀ kó dìde. Màlúù tó bá fi pẹ́ nílẹ̀, ẹran títà ló dà yẹn.

DókítàẸran_Kàbà
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ jẹ́ kí a dá omi yẹn dúró ná. ỌmọÌyàrá, má da nǹkan kan sí i lẹ́nu o. Bó bá jẹ́ ohun tí mo ń rò ni, ọ̀fun rẹ̀ ti ń rọ, kò lè gbé nǹkan mì dáadáa mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró ni omi yẹn yóò gbà lọ. Má sì nà án, kì í ṣe pé ó ń ṣọ̀lẹ.

Bó bá ti na gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ kan, pe èèyàn méjì kẹ́ ẹ gbé e jókòó lórí àyà rẹ̀, kẹ́ ẹ fi àpò tí ẹ rọ pòròpórò sí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá na gbalaja, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ní rọ́nà jáde, yóò wú. Lẹ́yìn náà, fọwọ́ kan etí rẹ̀ méjèèjì, wo imú rẹ̀ bóyá ó gbẹ, wo bó ṣe gbé orí sí, kí o sì ti tẹmómítà bọ̀ ọ́ ní ìdí. Sọ ohun tó o rí fún mi.

ỌmọÌyàrá (6:20)
Ẹ ṣé, Dókítà. Etí tutù bí ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì. Imú gbẹ táútáú. Ó yí orí sí ìhà rẹ̀ bí ẹni tó ń sùn. Mo fà á padà, ó tún yí i síbẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì wọ́ kọrọdọ. Tẹmómítà ka 37.2. Kò tíì yàgbẹ́ láti alẹ́. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí n kò kà sí: kí n tó lọ sùn lánàá, mo rí i tí ẹran itan rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹlẹ̀ lójú kan náà, kò sì fẹ́ jẹun. Mo ní òtútù ló ń mú un.

DókítàẸran_Kàbà
Àmì àkọ́kọ́ lo rí yẹn, ìbá dára ká ní o pè mí lálẹ́. Màlúù tí ara rẹ̀ dá máa ń ka 38 kọjá díẹ̀ sí 39. Tìrẹ ka 37.2, o wá rí i pé ibà tí wọ́n fi pè é kò sí níbẹ̀ rárá. Orúkọ ló ń tan èèyàn jẹ. Kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló já wálẹ̀ lójijì nígbà tí wàrà ń sọ̀ sí ọmú. Kò sì sí iṣan kan nínú ara tó lè ṣiṣẹ́ láìsí i, ì báà ṣe ti ẹsẹ̀, ti ikùn, tàbí ti ọkàn.

Mo ti wà lọ́nà. Ẹ gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kalẹ̀ dè mí, kí ẹ sì gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Darandaran_Ẹ̀gbẹ̀
Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n màlúù aláràbarà yìí ló fa gbogbo wàhálà. Àwa tá a ń da màlúù funfun láti kékeré, a kì í rí èyí. Màlúù yóò bí sínú igbó, yóò lá ọmọ rẹ̀, yóò tẹ̀ lé agbo.

DókítàẸran_Kàbà (látorí fóònù, ẹlòmíràn ló ń wakọ̀)
Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí rẹ̀. Màlúù funfun yín ń fún ọmọ rẹ̀ ní wàrà, ẹ̀yin náà ń rí lítà kan sí méjì fún lójúmọ́. Ti arákùnrin yìí ń fún un ní 18 ní ìgbà tó bí kẹ́yìn. Gbogbo kálísíọ̀mù tó ń ṣàn nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù lẹ́ẹ̀kan kò ju bíi gíráàmù 3 lọ. Wàrà aláwọ̀ ìyeyè ti ọjọ́ àkọ́kọ́, bó bá jẹ́ lítà 10, yóò kó ju gíráàmù 20 lọ. Ibo ni ìyókù yóò ti wá? Inú eegun. Bí eegun kò bá sì tètè ṣílẹ̀kùn, ìyẹn ni màlúù ṣe ń wólẹ̀. Ẹni tó ń tú lítà méjì jáde kò ní gbọ́ nípa rẹ̀ láé. Bákan náà ni abo màlúù tó ń bímọ àkọ́bí, kì í sábà rí i. Láti orí ọmọ kẹta ni ó ti ń le.

ỌmọÌyàrá (aago 8 alẹ́)
Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí.

Dókítà dé, ó fi ìka kan ẹyinjú màlúù náà, ó fi etí sí ọkàn rẹ̀, ó ní a ò tíì pẹ́ jù. Ó ti ki ìgò kálísíọ̀mù sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹn títí tó fi bá ìgbóná ara mu. Ìgò 500 ml ni, èyí tí wọ́n kọ 23% sí lára. Ó wá iṣan ọrùn, ó fi abẹ́rẹ́ sí i, ó ní kí n di ìgò mú kó ga ju ẹ̀yìn màlúù lọ díẹ̀ péré, kí n má gbé e sókè. Òun fúnra rẹ̀ fi etí ti àyà màlúù, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀kan ó nawọ́ sókè, mo fún okùn rọ́bà ìgò pa. Ó ní ọkàn ta ìgbésẹ̀ kan nù. A dúró bí ìṣẹ́jú méjì, a tún tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ tó ìṣẹ́jú 20.

Nígbà tí ìgò kù sí ìlàjì, ara màlúù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrìrì láti ẹ̀gbẹ́ dé itan. Mo ní ó ti ń kú. Dókítà rẹ́rìn-ín. Màlúù náà gùnfẹ̀ gẹ̀ẹ̀, ó tún gùnfẹ̀ gẹ̀ẹ̀, omi kíún-kíún bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ lórí imú rẹ̀, bí ìrì lórí ewé kókò. Lẹ́yìn ìyẹn ló ya ìgbẹ́ líle kan báyìí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yọ abẹ́rẹ́, ó fi eékún ró, ó dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ bá ọmọ rẹ̀. Ìyá mi kígbe, àwọn ará ilé sáré wá.

Ó ní kí n má fún wàrà náà tán lónìí àti lọ́la. Kí n fún ìwọ̀n tí ọmọ nílò àti díẹ̀ sí i. Ó sì ní kí n ṣọ́ ọ títí di ọ̀la, torí pé àwọn kan máa ń tún wólẹ̀ ní bíi wákàtí 12 sí 24.

Ọmọ_Ẹ̀kìnrìn
Ọlọ́run ṣeun. Ìdí tí n kò fi fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni máa gún kálísíọ̀mù fúnra rẹ̀ nìyí. Ọdún méjì sẹ́yìn, ẹnì kan tó ń bá wa tọ́jú ẹran tẹ ìgò náà wọ inú iṣan kíá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́rùn màlúù nígbà tó na ẹsẹ̀ tó kú. Kálísíọ̀mù tó lè jí ọkàn ni, òun náà ló lè dá a dúró.

Akẹ́kọ̀ọ́_Kàbà
Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Bí kò bá sí ẹni tó lè rí iṣan ọrùn, tí dókítà sì jìnnà, kí la lè ṣe?

DókítàẸran_Kàbà
A lè gún un sábẹ́ awọ. Pín ìgò náà sí ojú mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́yìn èjìká, kí o fọwọ́ ra á. Kì í yára, pàápàá fún èyí tí ara rẹ̀ ti tutù jù, ṣùgbọ́n kì í pa ọkàn. Ọjà tí wọ́n pò mọ́ ṣúgà ni kẹ́ ẹ má gún sábẹ́ awọ, ó máa ń ba ibẹ̀ jẹ́. Kẹ́ ẹ sì máa yí màlúù náà padà láti ìhà kan sí èkejì ní gbogbo wákàtí mélòó kan, lórí ilẹ̀ rírọ̀, kì í ṣe lórí símẹ́ǹtì. Mo ti rí màlúù tí kálísíọ̀mù wò sàn, ṣùgbọ́n tí itan tó fi lélẹ̀ láti òru ti kú mọ́ ọn lára.

ỌmọÌyàrá, ìbéèrè kan: kí lo ń fún un jẹ láti oṣù méjì kó tó bí?

ỌmọÌyàrá
Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni mo fún un, Dókítà. Mo dá ìfúnwàrà dúró nígbà tí oyún kù bí oṣù mẹ́rin. Eèsún láti ẹ̀gbẹ́ ilé adìẹ ni, ibẹ̀ ni a ń da ìgbẹ́ adìẹ sí, ó sì tutù yọ̀yọ̀. Ewé àgúnmániyẹ̀ lójoojúmọ́. Dùsá àti èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ bó bá ṣe fẹ́. Mo sì ń wọ́n ìyẹ̀fun eegun sí i láràárọ̀, kí eegun rẹ̀ lè le de wàrà.

Àgbà_Mọ̀pà
Ọmọ yìí ṣe dáadáa. Ìyẹ̀fun eegun ni mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀. Bóyá kò tó ni.

DókítàẸran_Kàbà
Bàbá, ibẹ̀ gan-an ló ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí pé ó dà bí ọ̀rọ̀ tí kò bọ́gbọ́n mu.

Ẹni tí wọ́n ń gbé oúnjẹ bá nílé lójoojúmọ́ kì í mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àká wà. Bí kálísíọ̀mù bá ń pọ̀ nínú oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, ara màlúù yóò pa ẹ̀rọ tó ń yọ ọ́ kúrò nínú eegun. Ní alẹ́ tó bí, wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè lójijì. Ẹ̀rọ yẹn sì ń gba bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó tó gbéra. Àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ló ń wó. Ìyẹ̀fun eegun lẹ́yìn ìbí, oògùn ni. Kó tó bí, òun ló ń gbé àìsàn náà wá.

Èkejì sì ni eèsún ẹ̀gbẹ́ ilé adìẹ yẹn. Ilẹ̀ tí ìgbẹ́ adìẹ pọ̀ lórí rẹ̀ ń kó pọtásíọ̀mù sínú koríko. Pọtásíọ̀mù yìí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà bí omi eérú, kò ní kíkan rárá, eegun kì í sì í gbọ́ ìpè nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá wà bẹ́ẹ̀. Àgúnmániyẹ̀ ní tirẹ̀ kún fún kálísíọ̀mù, bíi gbogbo ewé ẹ̀wà àti ewé ẹ̀pà. Gbogbo wọn ló dára fún èyí tó ń fúnni ní wàrà. Fún èyí tó fẹ́ bí ni wọn kò dára.

Ìyá_Ewúrẹ́_Ìsánlú
Ẹ̀yin ará, ewúrẹ́ mi náà wólẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún kó tó bí! Ọmọ mẹ́ta ló wà níkùn. Mo lọ ra kálísíọ̀mù, mo gún un, kò dìde. Ó kú. Kí ló dé tí ti màlúù dìde?

DókítàẸran_Kàbà
Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Àfàìmọ̀ kó jẹ́ pé ti yín ń wó torí ebi ni. Ọmọ mẹ́ta gba gbogbo àyè inú, oúnjẹ kò ráyè wọlé, ara bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀rá ara rẹ̀. Nínú ewúrẹ́ àti àgùntàn, kí wọ́n tó bí ló ń ṣẹlẹ̀. Nínú màlúù, lẹ́yìn ìbí ni. ỌmọÌyàrá, fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí pé màlúù rẹ sanra, ó sì ti pàdánù ọjọ́ kan láìjẹun.

ỌmọÌyàrá (ọjọ́ 13 lẹ́yìn)
Dókítà, ẹ ríran o. Ó ti ń fún mi ní lítà 16. Láti ọjọ́ mẹ́ta ó ti já sí 11. Dùsá tó fẹ́ràn jù, ó kàn gbóòórùn rẹ̀ tó sì kẹ̀yìn sí i. Koríko gbígbẹ ni ó ń já jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ le, ó ń dán. Ìhà rẹ̀ ti yọ síta bí apẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbóná. Ìyàwó mi ní ẹnu rẹ̀ ń rùn bí omi tí wọ́n fi ń nu àwọ̀ èékánná kúrò. Èmi kò gbọ́ òórùn kankan.

DókítàẸran_Kàbà
Imú ìyàwó rẹ ló mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn kan ń gbọ́ ọ, àwọn kan kì í gbọ́ ọ láéláé. Kìtósíìsì nìyẹn, ó sì fẹ́ràn ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta. Wàrà ń gba ṣúgà ju èyí tó ń jẹ wọlé lọ. Ó ń yọ́ ọ̀rá ara, ọ̀rá náà ya wọ inú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ kò rọ́wọ́ sí i, ó sọ ọ́ di kítóònù. Kítóònù wá tún ń pa ìfẹ́ oúnjẹ kú. Ó di àyípo.

Lọ sí ilé oògùn, ra bébà ìdánwò ìtọ̀ tí àwọn alárùn àtọ̀gbẹ ń lò. Èyí tó ń wo kítóònù ni kó jẹ́, kì í ṣe èyí tó ń wo ṣúgà nìkan. Fọwọ́ pa á lábẹ́ ojú ara, yóò tọ̀. Wo àwọ̀ rẹ̀ ní àkókò tí wọ́n kọ sára agolo.

ỌmọÌyàrá
Ó di àwọ̀ àlùkò, ó dúdú ju èyí tó kẹ́yìn lára agolo lọ.

Àgbà_Mọ̀pà
Ṣé ẹ rí i? Ṣúgà náà ni. Mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Po ṣúgà tàbí oyin, kí o fún un.

DókítàẸran_Kàbà
Bàbá, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́tẹ̀ yìí. Ṣúgà ló ń wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò inú àpò ńlá ikùn rẹ̀ ni yóò jẹ ṣúgà náà kó tó dé ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n sì ń sọ ọ́ dà tún ń bọ́ kítóònù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba iṣan: dẹ́kísítíróòsì 50%, ìgò 500 ml kan. Èyí ń gbé e dúró fún wákàtí díẹ̀. Iṣẹ́ gidi jẹ́ ti pírópílíìnì gíláíkọ́ọ̀lù, 300 ml láràárọ̀ fún ọjọ́ 5, a rọ ọ́ sí i lẹ́nu lọ́ra. Màlúù náà ń gbé nǹkan mì dáadáa báyìí, kò dà bíi ti ọjọ́ ìbí.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kò jọ omi tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ ọkọ̀ o. Etílíìnì gíláíkọ́ọ̀lù ló sábà máa ń wà nínú ìyẹn, ó ń pa kíndìnrín. Bí ẹni tó tà á kò bá lè fi orúkọ hàn yín lára agolo, ẹ má rà á.

Akẹ́kọ̀ọ́_Kàbà
Ṣé kì í ṣe pé ó yẹ kó sanra kó tó bí, kó lè ní ohun tí yóò ná?

DókítàẸran_Kàbà
Ohun tí gbogbo èèyàn rò nìyẹn. Èyí tó sanra jù ni kì í jẹun lẹ́yìn ìbí. Fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìhà rẹ̀: ó yẹ kí o mọ egungun ìhà láìfi agbára tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kí o má rí i lókèèrè. Bí o bá ní láti wá a, ó ti sanra jù. Oṣù mẹ́rin láìfún wàrà, pẹ̀lú dùsá àti èèpo ẹ̀gẹ́ bó bá ṣe fẹ́, ló ba ti ỌmọÌyàrá jẹ́. Oṣù méjì tó. Bó bá ti sanra, má fi ebi gba ọ̀rá lára rẹ̀ nígbà tí oyún ti tó, ìyẹn yóò tún tètè fa àìsàn náà. Kó má kàn sanra sí i ni.

ỌmọÌyàrá
Èkejì mi máa bí ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìsinsìnyí. Kí ni kí n ṣe?

DókítàẸran_Kàbà
Lónìí, yọ ọ́ kúrò níbi eèsún ilé adìẹ àti àgúnmániyẹ̀. Pòròpórò ọkà bàbà àti koríko gbígbẹ inú pápá ni kó máa jẹ, pẹ̀lú dùsá díẹ̀ tí kò ju kílò 2 sí 3 lọ lójúmọ́, kí ikùn rẹ̀ má gbàgbé rẹ̀. Ìyẹ̀fun eegun, òkúta ẹfun, àti iyọ̀ tó ní kálísíọ̀mù, kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Ní wákàtí tó bí gan-an, bó bá ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, fún un ní kálísíọ̀mù ẹnu, kí o tún fún un ní òmíràn ní wákàtí 12. Láti ọjọ́ yẹn ni kí o dá gbogbo ohun rere inú àká rẹ padà, díẹ̀díẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, fọwọ́ kan etí rẹ̀ kí o tó lọ sùn.

Ọmọ_Ẹ̀kìnrìn
Ti wàrà tí a ò gbọ́dọ̀ fún tán yẹn ni kò yé mi. Wọ́n ní ó ń fa ọmú wíwú.

DókítàẸran_Kàbà
Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò fara mọ́ ọn, mi ò sì ní bá wọn jà. Èyí tó ti wó lẹ́ẹ̀kan rí ni mo ń ṣe é fún, ọjọ́ méjì péré. Bí ọmú bá ti gbóná, mo ń fún un tán.

ỌmọÌyàrá (ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn)
Èkejì bí ní ìdájí Sátidé. Mo fọwọ́ kan etí rẹ̀ ní òru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyá mi ní mo ti di ẹni tó ń bá màlúù sọ̀rọ̀ létí. Lítà 14 ni lónìí. Ti àkọ́kọ́ dúró sí 13, kò tíì padà sí 16.

Àgbà_Mọ̀pà
Mo bá ẹ yọ̀. Àgúnmániyẹ̀ tó kù lọ́wọ́ rẹ ńkọ́? Mo ní màlúù kan tó ń fún wàrà lọ́wọ́.